Pijó Funfun àti Ọjọ́ Kẹrìnlélógún

Òjò kan ló dá ọ̀rọ̀ mọ́tò sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, Olúfọlákẹ́ kó ọgọ́rin aṣọ iṣẹ́ sínú takisí láti Agége, ó ń gbé wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọgbà. Bùúùtù takisí náà kò ṣeé tì, okùn ni awakọ̀ fi so ó. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, òjò ti rọ̀ sórí aṣọ, àwọ̀ búlúù ti ṣàn sórí funfun, ẹni tó ń gba ẹrù wọlé sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Olúfọlákẹ́ kó wọn sílé, ó tún wọn ṣe, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun máa ní ọkọ̀ tòun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ kì í sì í sú u. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Oníwáyà, Simbiat ni ọ̀gá àwọn tó ń ránṣọ níbẹ̀. Aṣọ táwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ń wọ̀ sídìí ẹ̀rọ ni wọ́n ń rán: ti Ọgbà, ti Agídíńgbì, ti Oregun. Iṣẹ́ kì í wọ́n ọn. Owó iṣẹ́ ni kò mọ ọjọ́ tó yẹ kó dé. Ilé-iṣẹ́ á gba aṣọ lónìí, wọ́n á ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Tó bá débẹ̀, wọ́n á ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé ti rìnrìn-àjò. Oṣù mẹ́ta lè kọjá láìrí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ṣá, wọ́n á pè é, wọ́n á sì san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á wá dà bíi pé ó jẹ tẹ́tẹ́.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àádọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà ló wà ní báńkì.

Fọlábí, ọkọ rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláùsá. Ní tirẹ̀, oṣù a máa parí, owó a sì máa wọlé. Kò sí ohun tó tún kù. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ kan ní Allen tó ń fi ọkọ̀ tuntun yá oníṣòwò lò. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ti bá wọn ṣe é rí. Pijó 504 onídìí gígùn, tuntun láti Kàdúná, ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń tà á. Wọn ò ní kó rà á. Kó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún sílẹ̀, kó máa san ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ lóṣooṣù fún ọdún méjì. Ilé-iṣẹ́ náà ló ni ọkọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Tí ọdún méjì bá pé, ó lè dá a padà, ó sì lè fi owó kékeré kan kún un kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí tirẹ̀.

“Díẹ̀díẹ̀ ni,” ni Fọlábí wí. “Oṣù sí oṣù. Ara kò ní fura.”

Àmọ́ Olúfọlákẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ Alhaji Sàláwù kó tó bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bá ojú irin ní Agége ni Alhaji ti ń ta mọ́tò tòkunbọ̀, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín tó máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu gíláàsì ọkọ̀ bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó fi Pijó kan tó ti lo ọdún mẹ́jọ ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù hàn án, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin. Ó ní owó ẹni ni èèyàn fi ń ra ohun ẹni. Tí ó bá wù ú, á tà á, tí ọwọ́ bá sì há, á gbé e kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Òótọ́ ni méjèèjì sọ, ohun tó sì fa wàhálà fún Olúfọlákẹ́ nìyẹn. Tó bá ra ti Alhaji, ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè fún ọ̀ọ́dúnrún aṣọ míì. Kí ló máa fi ra aṣọ tí wọ́n máa gé? Ọkọ̀ á wà, ẹrù tí yóò gbé kò ní sí. Tó bá yá ti Allen, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta á ṣì wà fún aṣọ àti òwú. Ó sùn lé e lọ́jọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ bùbá tó dáa, ó lọ sí Allen.

Job ni orúkọ ọ̀dọ́kùnrin tó dá a lóhùn níbẹ̀, ọmọ Èkìtì, tí irun rẹ̀ mọ́ gérégéré, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ka ìwé àdéhùn fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìnṣọ́ránsì, ọwọ́ ẹni tó yá ọkọ̀ ló wà. Àtúnṣe, ọwọ́ ẹni tó yá ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi dúró fún gbèsè, kò gbọdọ̀ fi gbé èrò. Tí owó oṣù kan bá kọjá ọjọ́ méje láìwọlé, ilé-iṣẹ́ lè wá gbé ọkọ̀, owó tó ti san kò sì ní padà. Lẹ́yìn náà ló ní kó kọ sọ̀wédowó mẹ́rìnlélógún sílẹ̀, kí ó fi ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọ̀ọ̀kan sí wọn títí ọdún méjì á fi pé.

Ìgbà tó kọ ìkejìlá, ó gbé bírò dúró.

“Tí ọjọ́ bá pé tí owó ò sí ní báńkì ńkọ́?”

Job wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. “Mà, òfin wà fún sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló lè já sí. Owó yín, ọjọ́ wo ló máa ń wọlé?”

“Ìgbà tó bá dé ni.”

Job kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè sọ pé kó má gbà á, iṣẹ́ òun ni kóun yá èèyàn lọ́kọ̀, ṣùgbọ́n kó fi owó oṣù mẹ́ta pamọ́ lọ́tọ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Olúfọlákẹ́ ní òun gbọ́. Ó kọ méjìlá tó kù. Nígbà tó gbé Pijó funfun náà jáde sójú ọ̀nà Allen, tí ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó, ọ̀rọ̀ Job ti ṣí kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ dùn. Ó ń gbé ẹrù dé Oregun láàárọ̀, ó ń ra aṣọ bọ̀ láti Lagos Island lọ́sàn-án. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń dúró de ẹrù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan ni. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, ó sì ń ra aṣọ sí i. Owó oṣù mẹ́ta tí Job ní kó fi pamọ́ wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di ọ̀pá aṣọ káákì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1992, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, dọ́là tí wọ́n ń rà ní náírà mẹ́wàá di méjìdínlógún. Ìyẹ̀fun wọ́n, ṣúgà wọ́n, ilé-iṣẹ́ bisikíìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún aṣọ tó ti gbé fún wọn láti oṣù kìíní, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, Job yọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Oníwáyà. Kò wá bíi ẹni tí ọ́fíìsì rán. Kò wọ táì. Ó bá Olúfọlákẹ́ nídìí tábìlì ìgéṣọ, ó béèrè bóyá owó wà ní báńkì. Irinwó náírà ló wà níbẹ̀. Job jókòó.

“Mà, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé, ń retí pé kẹ́ ẹ má san án ni,” ó wí. “Irú ọkọ̀ yín yẹn, ó ti lé ní igba ẹgbẹ̀rún ní ọjà báyìí. Iye tẹ́ ẹ ń san kò yí padà, wọn ò lè fi kún un, ó wà nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì yá ẹlòmíì ní ìlọ́po méjì.”

Ó ní òun ò sọ nǹkan kan o. Ó mu omi tí Simbiat gbé fún un, ó lọ.

Olúfọlákẹ́ dúró pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ mú un kì í ṣe ẹ̀rù rárá, ìbínú ni. Ọkọ̀ tó fi owó yá, tó ń fọ̀ láràárọ̀, ẹnì kan jókòó sí Allen, ó ń ka ọjọ́ dè é.

Ó lọ bá Alhaji Sàláwù. Alhaji nu gíláàsì títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ó ní Pijó yẹn, òun lè rà á lówó gọbọi lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. “Ìyá Ayọ̀tọ́lá, ẹ ò sì lè tà á. Kì í ṣe tiyín.” Kò sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ì bá yá a lówó, ṣùgbọ́n owó òun wà lórí omi, ọkọ̀ òun mẹ́rin ṣì wà ní ẹnu ibodè, owó ibodè wọn sì ti di ìlọ́po méjì.

Fọlábí ní òun máa fún un ní owó oṣù òun tí òun kò tíì gbà pàápàá. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ni, ìparí oṣù ló sì máa wọlé. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé ìròyìn. “Èmi ni mo ní ara kò ní fura,” ló sọ, ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wakọ̀ lọ sí Ọgbà. Wúràọlá, obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì akáǹtì, mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì ti ń mi orí kó tó jókòó. Kò sí owó. Kì í ṣe pé ọ̀gá rìnrìn-àjò lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá wà lókè, owó gan-an ni kò sí. Àwọn tó ń ta bisikíìtì lóṣùwọ̀n ńlá kò wá gbé e mọ́, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù ti gbówó lórí. Ilé ìkẹ́rù kún dé òrùlé.

“Ẹ wá ibẹ̀ wò,” ni Wúràọlá wí, bí ẹni tó ń fi òkú hàn án.

Olúfọlákẹ́ wo páálí bisikíìtì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí ìdí gígùn Pijó rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta páálí kan. Àádọ́ta náírà.

“Ẹ fún mi ní ọgọ́fà,” ó wí, “kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó mi.”

Wúràọlá gòkè lọ bá ọ̀gá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ó jọ pé inú ọ̀gá dùn láti san gbèsè láìfọwọ́ kan owó báńkì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà bisikíìtì.

Ogójì páálí ni Pijó gbà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá tẹ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Simbiat fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó síwájú pẹ̀lú àpò owó lẹ́sẹ̀. Wọ́n ná Agége já ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìyá tó ń ta nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lójú ilé. Náírà méjìdínláàádọ́ta ló ń ta páálí, ó ń pàdánù náírà méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, àwọn náà sì ti ń wá ẹni tó máa gbé e dé. Ní Ọjọ́rú, wọ́n dé Oko Ọba. Àwọn alápatà tó fẹ́ẹ́ parí iṣẹ́ ra páálí mọ́kànlá fún ọmọ wọn nílé, òórùn ẹran wà lára owó wọn, Simbiat sì ń kà á pẹ̀lú ìka méjì. Ọjọ́bọ̀, Fọlábí ní kó gbé ti ìkẹyìn wá sí Aláùsá nígbà tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán. Àwọn ará ọ́fíìsì yí ọkọ̀ ká, gbogbo wọn fẹ́ rà, gbogbo wọn sì fẹ́ san án ní ìparí oṣù.

“Ọjọ́ wo ni ìparí oṣù?” Olúfọlákẹ́ béèrè, bí ẹni tí kò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ rà, ẹni tí kò ní kò rí gbé. Fọlábí fúnra rẹ̀ ló ń lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí bùúùtù. Nígbà tí wọ́n máa fi padà sí Agége, ó ku páálí mẹ́ta, àwọn ìsọ̀ tó wà lọ́nà Oníwáyà sì gba ìwọ̀nyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí báńkì tó ṣílẹ̀kùn, Olúfọlákẹ́ ti wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí owó náà pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Akọ̀wé owó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe tí náírà kéékèèké fi pọ̀ tó báyìí. Ó ní aránṣọ ni òun. Sọ̀wédowó kẹfà kọjá ní báńkì láìfọhùn.

Èèyàn lè rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìnlélógún míì ti ń bọ̀. Ti oṣù karùn-ún, ọ̀nà kan náà ló fi san án, bisikíìtì ni. Ní ìparí oṣù yẹn ni ilé-iṣẹ́ rí ìyẹ̀fun rà, wọ́n sì pè é lọ́jọ́ kan, wọ́n san gbogbo owó tó kù fún un. Ó lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyí: á kọrí sí Lagos Island, á kó aṣọ títí tí owó yóò fi tán. Ó ti dé Maryland gan-an. Ibẹ̀ ló ti yí ọkọ̀ padà.

Ó lọ sí Allen. Ó ní kí Job mú ìwé àdéhùn wá, kí ó tún un kà fún òun, pàápàá apá tó sọ nípa owó. Job kà á: ẹni tó yá ọkọ̀ gbọdọ̀ san owó oṣù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ rẹ̀ tàbí ṣáájú rẹ̀.

“Ṣáájú rẹ̀,” ni Olúfọlákẹ́ wí. “Ṣé wọ́n kọ iye oṣù tí mo lè fi ṣáájú?”

Wọn ò kọ ọ́. Job gbé ojú sókè, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó jẹ́ ọkùnrin tó ga, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kò sí ìdí fún un láti máa da ara rẹ̀ láàmú, pé bó bá tilẹ̀ fẹ́, ilé-iṣẹ́ lè gba ọkọ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí wọ́n sì dá ìdajì owó tó kọ́kọ́ kó sílẹ̀ padà fún un, láti fi ran òwò rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin bíi tirẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sá kiri nítorí owó oṣù.

“Ẹ ṣé, sà,” ni Olúfọlákẹ́ wí. “Mo fẹ́ san oṣù mẹ́rin.”

Ó kọ sọ̀wédowó kan tó lówó lẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún, ó sì ní òun ò kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi kó sọ̀wédowó oṣù mẹ́rin tó ń bọ̀ lé òun lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé ní kí owó náà kọ́kọ́ jáde ní báńkì. Kò burú. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà wá, wọ́n kó wọn fún un, ó sì ya wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú Job.

Owó aṣọ tó kù kò pọ̀. Oṣù yẹn, ẹ̀rọ mẹ́fà kò ṣiṣẹ́ tán, Simbiat sì ráhùn. Àmọ́ oṣù kẹfà dé, ọjọ́ kẹrìnlélógún kọjá, Olúfọlákẹ́ kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ títí ó fi di ọjọ́ kejì. Ó ní ó dà bí ìgbà tí eyín tó ń dunni bá dákẹ́. Láti ìgbà náà, ìlànà kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé: bí owó ńlá bá wọlé, Allen ló kọ́kọ́ ń lọ, kó tó lọ ra aṣọ. Nígbà míì oṣù méjì ló ń san, nígbà míì márùn-ún. Tí owó bá wá lọ sápamọ́, bó ṣe máa ń sápamọ́, kò sí ẹni tó lè ka ọjọ́ dè é mọ́.

Ó ṣe é láǹfààní jù lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí rògbòdìyàn ìbò bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ọ̀nà Ìkẹjà dí fún táyà tó ń jó, ilé-iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó san owó fẹ́nikẹ́ni fún bí oṣù méjì. Àwọn mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ Allen yá lọ́kọ̀ pàdánù tiwọn lẹ́yìn rògbòdìyàn náà. Pijó funfun wà nílé lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, Olúfọlákẹ́ ti san owó rẹ̀ dé oṣù kẹsàn-án.

Nígbà tí ọdún méjì pé, ó fi owó kékeré tó kù kún un, Job sì kó ìwé ọkọ̀ wá fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Alhaji Sàláwù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà bóyá kò tíì gbà báyìí pé rírà ló dáa ju yíyá lọ. Olúfọlákẹ́ ní ká ní òun ra ti Alhaji lọ́jọ́ yẹn, òun kì bá ti rí aṣọ gé, ọ̀wọ́n tó dé nígbà tí náírà já wálẹ̀ ì bá sì ti bá òun lọ́wọ́ òfo. Ó tún ní yíyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rán òun lẹ́wọ̀n. Àwọn oníbàárà ń dúró kó sọ èyí tó dáa. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ọjọ́ tí owó wọn máa ń dé, kí wọ́n tó wá béèrè mọ́tò.

Ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ní Ìkẹjà, òun àti Fọlábí tò sórí ìlà fún wákàtí méjì kí wọ́n tó yí orúkọ padà. Fọlábí fẹ́ kí wọ́n lọ jẹun, kí wọ́n ṣe ọjọ́ náà lọ́jọ́. Olúfọlákẹ́ wo aago rẹ̀. Ogóje aṣọ wà nínú bùúùtù, wọ́n ń retí rẹ̀ ní Oregun kó tó di aago méjì, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀ sì ti lo oṣù méjì àti ààbọ̀ nílẹ̀. Ó ní kí Fọlábí jókòó síwájú, kó di ìwé náà mú dáadáa, ó sì fi ọkọ̀ sọ́nà.